Ẹni tó ń rí i yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá a: bí a ṣe ka nọ́mbà púrófáìlì LinkedIn kan

Arábìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ oúnjẹ kan n'Íbàdàn, ẹ̀ka QA ló wà, ìyẹn àwọn tó ń rí sí i pé ọjà tó ń jáde dáa, ó sì bófin mu. Tí ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà bá dé, òun ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó já a sílẹ̀, òun ló ń kọ ìwé HACCP wọn, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń dènà ewu nínú oúnjẹ, tí àwọn NAFDAC bá sì wá, òun ló ń mú wọn kiri. Ó ti ń ṣe é bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, owó oṣù ò sì kúrò lójú kan, ló bá ní òun fẹ́ káwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà l'Ágbára, l'Ọ́tà àti n'Íkẹjà máa rí òun lórí LinkedIn. Nígbà tó fi máa wá bá mi, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé ká bá òun tún About òun kọ, ìyẹn ibi téèyàn ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀ lórí púrófáìlì. Ó sì ti tún un kọ rí o, ó tiẹ̀ ti sanwó fún ẹnì kan tó bá a kọ ọ́, kò sì sí ohun tó yí padà.

Mo ní kó má tíì fọwọ́ kan About yẹn rárá, kó kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n kọ Analytics sí lórí púrófáìlì ẹ̀, kó fi nọ́mbà méjì ránṣẹ́ sí mi: Search appearances, ìyẹn iye ìgbà tí orúkọ ẹ̀ jáde nígbà tí àwọn èèyàn ń wá nǹkan, àti Profile views, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n wọlé wá wo púrófáìlì ẹ̀ gan-an. Ó fi wọ́n ránṣẹ́: 64 àti 27. Ó wá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ṣáà burú, wọ́n rí mi nígbà 64, wọ́n wọlé nígbà 27, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sí mi, ṣé ẹ rí i pé About yẹn ni?"

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kà á nìyẹn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. 64 yẹn, ti ọ̀sẹ̀ kan ni. 27 yẹn, ti àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni, LinkedIn sì kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, tẹ́ ẹ bá pín 27 sí mẹ́tàlá, ó já sí nǹkan bíi méjì lọ́sẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé ìdajì ń wọlé, nínú ìgbà 64 tí orúkọ ẹ̀ ń jáde lọ́sẹ̀ kan, bí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń wọlé, a ò sì tíì yọ àwọn tó ti ibòmíì wọlé kúrò o, torí kì í ṣe inú ìwákiri nìkan ni èèyàn ti ń wọ púrófáìlì, ẹlòmíì rí kọ́mẹ́ǹtì yín ló fi tẹ orúkọ yín, ẹlòmíì gba lìǹkì lọ́wọ́ yín lórí Wọ́sáàpù. Àwọn tó ń lo èyí tí wọn ò sanwó fún, bíi ti arábìnrin yìí, orúkọ àwọn díẹ̀ tó wọlé kẹ́yìn ni wọ́n ń rí, nínú àwọn tó sì hàn sí i, mẹ́ta ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ (ìyẹn dẹ́rù bà á díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn).

Lẹ́yìn ìṣirò yẹn, ọ̀rọ̀ About ti kúrò nílẹ̀, torí pé ẹni tó bá ń wá èèyàn lórí LinkedIn, fọ́tò, orúkọ, Headline, ìyẹn ìlà kúkúrú tó wà lábẹ́ orúkọ, àti ibi téèyàn ń gbé ló ń rí nínú èsì, nígbà míì wọ́n á fi iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe báyìí kún un. About ò sí níbẹ̀. Ẹni tí ò bá wọlé ò lè ka About, ìwọ̀nba méjì ló sì ń wọlé lọ́sẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ fi About tuntun ṣe fún èèyàn méjì tí ọ̀kan nínú wọn tún jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀?

Ẹlòmíì á wá sọ pé ó dáa, orúkọ ẹ̀ ń jáde dáadáa, wọn ò kàn wọlé ni, a jẹ́ pé Headline àti fọ́tò ni ká yí. Èmi náà máa ń kọ́kọ́ rò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kí wọ́n tẹ nọ́mbà ìwákiri yẹn kó ṣí, torí abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé àwọn tó ń wá yẹn, iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe, ilé-iṣẹ́ wo ni wọ́n wà. Àwọn èèyàn kì í wo ibẹ̀, nọ́mbà ńlá tó wà lókè ni wọ́n máa ń wò tí wọ́n á sì padà jáde.

Nígbà tó ṣí i, ó ya òun gan-an lẹ́nu. Àwọn tó ń rí orúkọ ẹ̀: Software Engineer, Technical Recruiter, Product Manager. Ilé-iṣẹ́ wọn: báǹkì, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe áàpù owó. Kò sí ẹyọ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá lọ wo púrófáìlì náà fínnífínní, ohun tí mo bá nínú Headline ni yìí:

QA Analyst | Testing | Detail-oriented | Open to opportunities

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn oníkọ̀ǹpútà á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà, QA ni wọ́n ń pe àwọn tó ń dán áàpù wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, "QA Analyst" sì jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Arábìnrin wa rí orúkọ yẹn lára púrófáìlì ẹnì kan, ó dùn létí, ó sì mú un, bẹ́ẹ̀ "Quality Assurance Officer" ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ohun tó wá bá a jẹ́ pátápátá ni pé bó ṣe kọ ọ́ tán, tó lọ síbi Skills, LinkedIn fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá fún un: Test Cases, Manual Testing, Regression Testing. Ó rò pé ṣebí òun náà máa ń tẹ́ẹ̀sì nǹkan ní láàbù, ló bá ń tẹ gbogbo ẹ̀ wọlé. Ìgbà tí ríkúrútà báǹkì, ìyẹn ẹni tó ń bá wọn wá òṣìṣẹ́, bá wá "QA", orúkọ ẹ̀ á jáde, ẹni yẹn á rí fọ́tò ọmọbìnrin nínú kóòtù funfun tó dé fìlà láàbù, á rí orúkọ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, á sì kọjá lọ. Ó tọ́ kó kọjá, tí mo bá jẹ́ òun, màá kọjá.

Ẹ wò ó, ká ní Headline la kọ́kọ́ tún ṣe kó lè fani mọ́ra, ṣe là bá máa pe àwọn tí kò nílò ẹ̀ wọlé sí i. Nọ́mbà àwọn tó ń wọlé á gòkè, inú wa á dùn, iṣẹ́ ò ní jáde. Ohun tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ni ká kọ́kọ́ yí, pé fọ́tò lè dúró, ni orúkọ iṣẹ́ àwọn tó ń wá yẹn, torí iye wọn fúnra ẹ̀ ò lè sọ ìyẹn fún èèyàn.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ wá lọ báyìí: gbogbo ibi tí "QA Analyst" wà, ní Headline àti Experience, a dá a padà sí "Quality Assurance Officer" tó wà nínú lẹ́tà ẹ̀, a yọ "Testing" kúrò, a yọ gbogbo Skills tó jẹ mọ́ sọ́fítíwíà, a fi HACCP, Food Safety, GMP àti FSSC 22000, tí gbogbo wọn jẹ mọ́ ààbò oúnjẹ, sí i. FSSC 22000 yìí mo bi í dáadáa, torí mi ò fẹ́ kó kọ ohun tí kò ní lè dáhùn tí wọ́n bá bi í, ó ní ilé-iṣẹ́ wọn ní sáàtífíkéètì ẹ̀, òun sì máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n bá wá ṣe ọ́dítì, mo ní ó dáa, kọ ọ́. Ẹlòmíì lè sọ pé àyípadà tá a ṣe ti ju ọ̀kan lọ, àmọ́ ohun kan náà la ń yí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìyókù Headline, fọ́tò, ibi tó ń gbé, About, a fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo sì ní kó máa ya sikirínṣọ́ọ̀tì àwọn méjèèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí nọ́mbà ìwákiri máa ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tẹ́ ò bá yà á, tọ̀sẹ̀ tó kọjá ti lọ nìyẹn. Fún ti Profile views, kó má wo àpapọ̀ àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn, torí ńṣe ni ọjọ́ àtijọ́ ń já kúrò lẹ́yìn bí tuntun ṣe ń wọlé níwájú, ó lè wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tí èèyàn púpọ̀ wọlé gan-an. Àwòrán ìlà tó wà lábẹ́ ẹ̀, tó pín in sí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ni kó máa wò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwákiri já sí nǹkan bí ogójì. Èyí tó tẹ̀ lé e, 18. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò tiẹ̀ kí mi dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà á jẹ́ o, 64 ló wà tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká dá a padà jàre." Mo ní kó ṣí i kó ka orúkọ iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ń kà á: Human Resources Specialist, Production Manager, Recruiter. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọn, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bisikíìtì, ọ̀kan ń ṣe oúnjẹ ọmọdé. Ó ku àwọn oníkọ̀ǹpútà ẹyọ kan méjì, àmọ́ wọn ò tún pọ̀ mọ́. Mo bi í pé nínú 64 ọjọ́sí àti 18 yìí, èwo ló lè fún un níṣẹ́? Kò tún dárúkọ ká dá a padà mọ́.

Mo ti rí i tí èèyàn ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nọ́mbà wálẹ̀, wọ́n sì yára yí i padà, wọ́n á wá máa sọ fún àwọn ẹlòmíì pé téèyàn bá yọ irú ọ̀rọ̀ báyìí kúrò, LinkedIn á fìyà jẹ ẹ́. Nọ́mbà tó wálẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ ṣe, ẹ ò tíì lè sọ bó ṣe jẹ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá mọ àwọn tó lọ àti àwọn tó kù.

Ní báyìí àwọn tó ń rí i ti jẹ́ àwọn tó nílò irú ẹ̀, àmọ́ méjì sí mẹ́ta náà ṣì ni àwọn tó ń wọlé. Ìgbà yìí ló wá kan ohun tí wọ́n ń rí nínú èsì ìwákiri. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tá a lè yí: ìyókù Headline, fọ́tò, àti ibi tó ń gbé tó jẹ́ pé "Nigeria" lásán ló kọ síbẹ̀. Mo yọ ibi tó ń gbé sẹ́yìn ná, ìdí ẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń rí nìkan, ríkúrútà máa ń fi ṣa èèyàn, wọ́n á ní àwọn tó wà ní Lagos nìkan làwọn fẹ́ rí, nítorí náà tá a bá yí i, ó lè ti nọ́mbà méjèèjì pa pọ̀, a ò sì ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́. Fọ́tò ẹ̀ dáa, kóòtù láàbù bá iṣẹ́ mu nígbà tó jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ló ń wò ó báyìí, fọ́tò kan náà tó ń lé àwọn oníkọ̀ǹpútà ló wá di ohun tó ràn án lọ́wọ́. Ó ku Headline. "Detail-oriented" àti "Open to opportunities" ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, lórí fóònù tí wọ́n á tún gé e kúrú, ọ̀rọ̀ tó wà níwájú nìkan lèèyàn ń rí. A kọ ọ́ báyìí:

Quality Assurance Officer, Food Manufacturing | HACCP | FSSC 22000 | NAFDAC inspections

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìwákiri ò kúrò ní nǹkan bí ogún, àwọn tó ń wọlé di márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́fà. Irú èyí ni mo máa ń fẹ́ rí, tí ọ̀kan dúró tí ìkejì sì gòkè, torí ó rọrùn láti mọ ohun tó fà á. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ò lè sọ ọ́ o. Nígbà tí nọ́mbà bá kéré báyìí, méjì lè di mẹ́rin nítorí pé ẹnì kan ṣàdédé rántí yín ló wá yín wò. Ìdí tí mo fi dúró títí mo fi rí i pé ó ń lọ síbì kan náà léraléra nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó wá tẹ̀ lé ìyẹn, àwọn tó wọlé fò dé 23. Ó ti ń yọ̀, ó ní Headline yẹn ti múlẹ̀ nìyẹn. Mo wo ìwákiri, ogún náà ló ṣì wà. Ogún ìgbà lorúkọ jáde tí ẹni mẹ́tàlélógún wá wọlé, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo bi í pé kí ló ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, ó wá rántí pé òun kọ kọ́mẹ́ǹtì gígùn kan sábẹ́ ohun tí kọ́ọ̀sìméètì òun gbé síta nígbà tó gba iṣẹ́ tuntun, gbogbo kíláàsì ló wà níbẹ̀. A wo orúkọ àwọn tó wọlé kẹ́yìn, àwọn kíláàsì ẹ̀ náà ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn, a yọ ọ́ sọ́tọ̀, a ò kà á mọ́ ohunkóhun tá a ń wọ̀n. Èyí tún máa ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá lọ wo púrófáìlì àwọn ẹlòmíì rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kan, àwọn náà á rí i pé ẹ wá wo àwọn, wọ́n á wá wo yín padà. Nítorí náà tí mo bá ń bá èèyàn wọn púrófáìlì, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà.

Ibi tó ń gbé ló kàn. Lagos ló fẹ́ kọ, kí àwọn tó wà l'Ékòó lè máa rí i. Mo ní rárá, ẹnì kan á pè ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé kó wá fún ìǹtáfíù l'Ágbára laago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí lo fẹ́ sọ fún un? Ìbàdàn la kọ. A wá lọ síbi Open to work, níbi téèyàn ti lè yan àwọn ìlú tó wù ú láti ṣiṣẹ́, a yan Èkó àti Ògùn, a sì ṣe é kó jẹ́ pé àwọn ríkúrútà nìkan ló máa rí i. Mo kìlọ̀ fún un o, LinkedIn ní àwọn máa ń gbìyànjú láti má fi han àwọn ríkúrútà ilé-iṣẹ́ tí èèyàn wà, àmọ́ àwọn fúnra wọn sọ pé àwọn ò lè ṣe onídùúró ẹ̀ pátápátá. Ó ronú sí i fọ́jọ́ mélòó kan, ó ní ká ṣe é. Ìwákiri kúrò ní ogún, ó ń lọ sókè ọgbọ̀n, àwọn tó ń wọlé sì gòkè díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹni bíi mẹ́jọ ló wá ń wọlé lọ́sẹ̀ báyìí, nínú àwọn tá a rí orúkọ iṣẹ́ wọn, HR wà níbẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i. Ibi tí nọ́mbà méjèèjì parí iṣẹ́ wọn nìyí, torí LinkedIn ò ní sọ fún yín pé ẹni tó wọlé kà dé ibí, tàbí pé ibi báyìí ló ti jáde. Ohun tó kù láti kà ni lẹ́tà tó wọlé àti àwọn tó ní ká jọ di ojúlùmọ̀, ìyẹn gan-an kéré ju ohun téèyàn fi ń ṣe ìdájọ́ kíákíá lọ.

Ó ní, "Ṣé About ti wá yá báyìí?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yá lóòótọ́, àmọ́ mo ní ká ṣe Experience ṣáájú. About ẹ̀ rọ̀, kò ṣèèyàn ní nǹkan kan, àmọ́ Experience ẹ̀ ṣófo: orúkọ iṣẹ́, oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ó tán. Ẹni tó wọlé nítorí pé Headline sọ HACCP, ó fẹ́ lọ wò ó bóyá òótọ́ ni, ibẹ̀ ló sì máa wò. A kọ ọ́ bó ṣe rí: irú ọjà tó ń yẹ̀ wò, pé òun ló ń múra ìwé sílẹ̀ fún ọ́dítì, pé ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún nọ́mbà NAFDAC ọjà wọn gbà, àti ohun tó ṣe nígbà tí ọjà kan kùnà àyẹ̀wò. A ò kọ iye ìdá ọgọ́rùn-ún kankan, kò ní in lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kó dá a dá. Lẹ́yìn ìyẹn la wá tún ìlà àkọ́kọ́ About ṣe, torí ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ ló ń hàn kí wọ́n tó ní kéèyàn tẹ "see more".

Oṣù tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì wọlé. Ọ̀kan bi í bóyá ó lè máa ṣe ṣíìfù òru, ó ní rárá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èkejì wá láti ilé-iṣẹ́ kan l'Ọ́tà, wọ́n pè é fún ìǹtáfíù, ẹlòmíì ni wọ́n mú, àmọ́ HR wọn ní àwọn á pa orúkọ ẹ̀ mọ́. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé Experience ló mú méjèèjì wá, ó lè jẹ́ Open to work, ó lè jẹ́ pé àsìkò tí wọ́n ń gbani ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí àwọn tó ń wọlé tó jẹ́ àwọn tó nílò irú ẹ̀, lẹ́tà kan ò wá rí.

Nítorí ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń báàyàn ṣe iṣẹ́ yìí, tí ẹnì kan bá fi nọ́mbà méjì ránṣẹ́ sí yín, ẹ dá a padà fún un kó lọ mú ẹ̀kẹta wá, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n kọ iṣẹ́ àwọn tó ń wá a sí. Tí àwọn yẹn ò bá jọ àwọn tó lè gbà á síṣẹ́, orúkọ iṣẹ́ àti Skills lẹ máa bá lọ, bí nọ́mbà ti wù kó pọ̀ tó. Tí wọ́n bá jọ ọ́ tí wọn ò wọlé, ẹ lọ sí Headline àti fọ́tò. Tí wọ́n bá ń wọlé tí wọn ò sọ nǹkan kan, ẹ lọ sí Experience kẹ́ ẹ tó dé About. LinkedIn sì máa ń tún ojú ibẹ̀ ṣe látìgbàdégbà, tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ti da ti ìwákiri pọ̀ mọ́ ti àwọn tó rí yín lára kọ́mẹ́ǹtì, ẹ yọ ti ìwákiri nìkan jáde kẹ́ ẹ tó fi wé tọ̀sẹ̀ tó kọjá.